Ìdí tí ímeèlì fi ń gé lápá ọ̀tún tàbí tí ó fi ń tú ìwé òfìfo jáde lójú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé

Ní àdúgbò Challenge ní ìlú Ìlọrin, níbi tí àwọn tó ń tẹ ìwé jáde, àwọn tó ń ṣe fótókọ́pì àti àwọn tó ń ta èèlò kọ̀ǹpútà ti ń ṣe òwò wọn, iṣẹ́ kan wà tó dà bíi pé ó rọrùn jù lọ, tó sì ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín oníbàárà àti oníṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn lọ. Iṣẹ́ náà ni títẹ ímeèlì jáde. Oníbàárà yóò ní ojú ìwé kan péré ni òun fẹ́. Ẹ̀rọ yóò tú mẹ́fà jáde, mẹ́ta nínú rẹ̀ á funfun báláú. Tàbí kí ìwé náà jẹ́ ẹyọ kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí etí rẹ̀ lápá ọ̀tún ti gé lọ, kí iye owó, àkókò tàbí nọ́ńbà tí ènìyàn torí rẹ̀ tẹ ìwé náà má sí níbẹ̀.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò bàjẹ́, oníṣẹ́ kò tẹ ibi tí kò yẹ, oníbàárà kò sì fi lẹ́tà tí kò dára ránṣẹ́. Láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ ímeèlì náà ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú kọ̀ǹpútà ló ní lọ́kàn nígbà tí ó ń ya lẹ́tà rẹ̀, kò ronú kan bébà rárá.

Ojú kọ̀ǹpútà kò ní ààlà gidi. Bí lẹ́tà bá fẹ̀ jù ú lọ, ènìyàn lè wọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ kí ó rí ìyókù. Bébà kò ní ibi tí wọ́n ń wọ́ ọ sí. Bébà A4 tí gbogbo Nàìjíríà ń lò fẹ̀ ní mìlímítà 210, ó sì ga ní mìlímítà 297. Ohunkóhun tí kò bá wọ inú ìwọ̀n yẹn, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni yóò ṣe: yóò gé dànù, tàbí kí ó sáré bọ́ sí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ fífẹ̀ ló ti pọ̀ jù, gígé ni. Bí ó bá jẹ́ gíga ló ti pọ̀ jù, ìwé tuntun ni. Láti inú gbólóhùn kékeré yìí ni ìṣòro méjèèjì ti wá, bí wọn kò tilẹ̀ jọra lójú.

Bí apá ọ̀tún ṣe ń gé

Àwọn tó ń ya ímeèlì fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, báńkì àti ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í fi ìwọ̀n mìlímítà ṣe é. Píkísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń lò, ìyẹn àwọn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tíntìntín tó para pọ̀ di ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí bíráúsà bá fẹ́ gbé nǹkan láti ojú kọ̀ǹpútà lọ sórí bébà, ó ní òdiwọ̀n tí ó ń tẹ̀ lé: píkísẹ́ẹ̀lì 96 ni íńṣì kan, íńṣì kan sì jẹ́ mìlímítà 25.4. Ẹni tó bá mọ òdiwọ̀n yìí lè mọ̀ kí ó tó tẹ ìwé bóyá yóò gé tàbí kò ní gé.

Ká mú un pé Alhaja kan tó ń ṣòwò aṣọ fẹ́ rin ìrìn-àjò, wọ́n sì fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ránṣẹ́ sí i nínú ímeèlì. Nínú lẹ́tà náà ni àtẹ kan wà tó pín sí òpó márùn-ún: ọjọ́, ibi ìgbéra, ibi tí wọ́n ń lọ, nọ́ńbà ọkọ̀, àti àkókò tí ọkọ̀ yóò gbéra, èyí tó wà ní ìparí lápá ọ̀tún. Ẹni tó ya àtẹ náà ti fi òǹtẹ̀ lù ú pé píkísẹ́ẹ̀lì 800 ni fífẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Bí a bá fi òdiwọ̀n tí a sọ wọ̀n ọ́n, píkísẹ́ẹ̀lì 800 jẹ́ mìlímítà 211.7. Bébà A4 jẹ́ 210. Kí wọ́n tilẹ̀ tó yọ àlàfo etí ìwé kúrò, àtẹ náà ti fẹ̀ ju bébà lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àlàfo yẹn kò ṣeé yọ sílẹ̀. Bíráúsà Chrome máa ń fi nǹkan bíi mìlímítà 10 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé kí ó ṣe nǹkan mìíràn. Ó ku mìlímítà 190 tí ọ̀rọ̀ lè jókòó sí. Bí a bá yọ 190 kúrò nínú 211.7, ohun tó ṣẹ́ kù ni mìlímítà 21.7, èyí tó ju ìbú ìka àtàǹpàkò lọ díẹ̀. Bí bíráúsà bá tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ibi tí àkókò ìgbéra wà nìyẹn. Alhaja yóò gba ìwé tó mọ́ tónítóní, orúkọ rẹ̀ pé, ọjọ́ pé, nọ́ńbà ọkọ̀ pé, ṣùgbọ́n àkókò kò sí lórí rẹ̀. Nítorí pé etí ìwé máa ń funfun tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí yóò pe ojú rẹ̀ sí i pé nǹkan sọnù, àyàfi bí ó bá dé pápákọ̀ òfurufú.

Àmì kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àtẹ tí wọ́n fi ìlà yí ká gbọ́dọ̀ ní ìlà lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Bí ìlà apá òsì bá wà tí ti ọ̀tún kò sí, nǹkan ti gé, kódà bí gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù bá ṣeé kà. Bí kò bá sí ìlà, kí ènìyàn wo ìparí àwọn gbólóhùn lápá ọ̀tún. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró sí àárín álífábẹ́ẹ̀tì kan, tàbí tí gbólóhùn kan kò bá bá èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ so pọ̀, ìdáhùn kan náà ni.

Kì í ṣe àtẹ nìkan ló ń fa èyí. Àwòrán ńlá tí wọ́n fi sí orí lẹ́tà lè fa gbogbo ara lẹ́tà náà fẹ̀. Àdírẹ́sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó gùn gbọọrọ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé kò sí àlàfo nínú rẹ̀ tí bíráúsà lè gbà ṣẹ́ ẹ sí ìlà kejì. Lẹ́tà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin tún burú sí i, torí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dá a lóhùn tàbí tí wọ́n bá ta á látaré ni àwọn ètò ímeèlì kan máa ń ti lẹ́tà àkọ́kọ́ sún díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Oníbàárà tó bá ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ látaré sí ímeèlì oníṣẹ́ ìtẹ̀wé lè ti sún un lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Síbẹ̀, ó sàn kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ju kí ó ṣí ímeèlì tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò, kí ó sì gbàgbé láti tì í.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà bóyá wọ́n so fáìlì PDF mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló ń so ó mọ́ ọn, fáìlì náà ni wọ́n sì ṣe fún bébà. Ẹni tó bá tẹ ara lẹ́tà jáde nígbà tí PDF wà nísàlẹ̀ ń wá wàhálà tí kò yẹ kó wá.

Bí kò bá sí fáìlì kankan, ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ibi tí ènìyàn ti ń pàṣẹ ìtẹ̀wé. Nínú Gmail, ẹni tó bá tẹ `Ctrl+P` lórí kọ̀ǹpútà lójú kan náà lè máa tẹ gbogbo ojú bíráúsà jáde, pẹ̀lú àwọn àkọlé àti bọ́tìnì tó yí lẹ́tà ká, àwọn nǹkan wọ̀nyí á sì gba àyè tó yẹ kí lẹ́tà jókòó sí. Àmì tótó mẹ́ta wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, nítòsí ọfà ìdáhùn. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, wọn yóò rí `Print`. Èyí máa ń ṣí lẹ́tà náà nìkan sójú tuntun, láìsí ẹrù kankan lára rẹ̀. Àmì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tó wà lókè, èyí tó ń jẹ́ `Print all`, yàtọ̀ sí i: gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bá ara wọn sọ lórí lẹ́tà náà ló ń tẹ̀ jáde, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí oníbàárà ń pariwo pé ojú ìwé kan ni òun béèrè, àmì yìí ni oníṣẹ́ tẹ̀.

Nígbà tí ojú ìtẹ̀wé bá ṣí, Chrome yóò fi bí ìwé náà yóò ṣe rí hàn lápá òsì. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti wo ìlà apá ọ̀tún, kì í ṣe lórí ìwé tó ti jáde. Bí ó bá gé, kí wọ́n ṣí `More settings`, kí wọ́n sì wá `Scale`. Wọ́n á yí i sí `Custom`, wọ́n á sì kọ iye tí wọ́n fẹ́ sí i. Iye wo ni? Fún tíkẹ́ẹ̀tì Alhaja, àyè tó wà ni 190, fífẹ̀ àtẹ ni 211.7. Bí a bá pín àkọ́kọ́ sí ìkejì, a ó rí nǹkan bíi 0.897, ìyẹn ni pé 89 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò wọlé gẹ́rẹ́. Oníṣẹ́ tó ní ìrírí kì í kọ 89. Yóò kọ 85, kí ó lè ku díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó bá fa bébà ní ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rọ̀ yóò kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ṣì lè kà á láìlo ìgò ojú tuntun.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ìṣirò lè lo Firefox. Lábẹ́ `Scale` nínú tirẹ̀ ni `Fit to page width` wà, ohun tó sì ń ṣe ni pé ó ń wọn lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, ó ń sún un kì títí yóò fi wọ bébà.

Ọgbọ́n kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń dá tí kì í yanjú nǹkan. Wọ́n á lọ sí `Margins`, wọ́n á yí i sí `None`, kí lẹ́tà lè gba gbogbo bébà. Lójú kọ̀ǹpútà, ó máa ń dà bíi pé ó ti bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò lè fi táwádà kan etí bébà gan-an. Wọ́n ní láti fi mìlímítà mélòó kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan níbi tí rọ́là ti ń di bébà mú. Nítorí náà, ohun tó wọlé lójú kọ̀ǹpútà yóò tún gé nígbà tí bébà bá jáde. Ní ti àtẹ Alhaja, kò tilẹ̀ ní wọlé lójú kọ̀ǹpútà pàápàá, nítorí pé 211.7 ju 210 lọ. `Minimum` sàn ju `None` lọ, torí pé ó ń bọ̀wọ̀ fún ààlà tí ẹ̀rọ náà ní.

Bí àtẹ bá fẹ̀ débi pé `Scale` yóò wá sí 60 tàbí 50, ọ̀rọ̀ yóò kéré jù láti kà. Ìgbà yìí ni wọ́n ń yí bébà sí ìbú. Lábẹ́ `Layout`, wọ́n á yan `Landscape`. Bébà A4 tí wọ́n yí sí ìbú fẹ̀ ní 297, bí wọ́n bá sì yọ àlàfo méjèèjì kúrò, 277 ló kù, èyí tó gba píkísẹ́ẹ̀lì 800 láìsí pé wọ́n dín in kù rárá, kódà ó gba 1,000. Ohun tí wọ́n á fi san án ni pé lẹ́tà lè di ojú ìwé méjì.

Fún ẹni tó ń lo Outlook àtijọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọ̀nà mìíràn ni. Láti ìgbà tí Microsoft ti gbé Outlook 2007 jáde, ẹ̀rọ tó ń ya lẹ́tà nínú rẹ̀ ni ti Word, èyí tí kò mọ ìyàwòrán ojú íńtánẹ́ẹ̀tì dáadáa. Kí wọ́n ṣí lẹ́tà náà sójú tirẹ̀, kí wọ́n tẹ `Actions`, kí wọ́n sì yan `View in Browser`. Lẹ́tà yóò ṣí nínú bíráúsà, gbogbo ohun tí a sọ lókè yóò sì ṣeé ṣe sí i.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, wọ́n lè da lẹ́tà náà kọ sínú Word. Nígbà tí àtẹ bá ti bọ́ síbẹ̀, kí wọ́n tẹ inú rẹ̀, kí wọ́n lọ sí `Layout`, `AutoFit`, kí wọ́n yan `AutoFit Window`. Àtẹ yóò sún kì láàárín ìlà méjèèjì. Ọ̀nà yìí wúlò fún lẹ́tà tí ènìyàn kàn fẹ́ kà. Kò yẹ fún ìwé tí wọ́n fẹ́ fi han aláṣẹ kan, torí ohun tó ti bọ́ sínú Word ṣeé tún kọ, ẹni tó bá sì gbà á lè béèrè ìdí tí kò fi jọ èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nípa PDF. Àwọn kan gbàgbọ́ pé bí lẹ́tà bá ń gé, kí wọ́n kọ́kọ́ fi pamọ́ sí PDF, lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ PDF náà jáde. PDF kì í wo gígé sàn. Ibi kan náà ni bíráúsà ti ń ya ojú ìwé fún PDF àti fún bébà. Bí ó bá gé kí ó tó di PDF, ó ti gé títí ayé nìyẹn, kò sí `Fit` kankan tó lè dá a padà. Àǹfààní PDF ni pé ènìyàn lè rí àbùkù náà láìná bébà kan.

Ìwé òfìfo

Ìgbà méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ wo ìwé tó jáde ní òfìfo, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìwé tó funfun ni òfìfo.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ wà lórí wọn, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ náà funfun. Ilé-iṣẹ́ lè fi àwọ̀ búlúù tàbí dúdú tẹ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà, kí ó sì fi àwọ̀ funfun kọ ọ̀rọ̀ lé e. Láti má ba tónà jẹ́, bíráúsà kì í tẹ àwọ̀ tí wọ́n fi tẹ́ ìsàlẹ̀ jáde bí wọn kò bá sọ fún un. Búlúù náà yóò pòórá, ọ̀rọ̀ funfun á sì ku sórí bébà funfun. Bí ibi tí òfìfo wà lórí bébà bá ní àwọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, èyí ló ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n ṣí `More settings`, kí wọ́n fi àmì sí `Background graphics`. Nínú Firefox, `Print backgrounds` ni wọ́n ń pè é. Yóò mu tónà lóòótọ́, nítorí náà kí wọ́n ṣe é fún ojú ìwé tó nílò rẹ̀ nìkan.

Bákan náà ni àpótí òfìfo tó yẹ kí àmì onígun mẹ́rin tí wọ́n ń fi fóònù wò wà. Ètò ímeèlì lè má ṣí àwòrán títí ènìyàn yóò fi gbà á láyè. Bí ọ̀rọ̀ bíi `Display images below` bá wà lókè lẹ́tà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n dúró kí àwòrán pé, kí wọ́n tó pàṣẹ ìtẹ̀wé.

Ìwé òfìfo gidi yàtọ̀. Èyí tó ń ya ènìyàn lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni èyí tó ń jáde ní àjẹ́tẹ̀lé: ojú ìwé kan ní ọ̀rọ̀, èkejì òfìfo, ẹ̀kẹta ní ọ̀rọ̀, ẹ̀kẹrin òfìfo. Oníṣẹ́ lè rò pé rọ́là ẹ̀rọ ń fa bébà méjì lẹ́ẹ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ya lẹ́tà náà ló ti fẹ́ kí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ga bíi bébà A4 gẹ́lẹ́, mìlímítà 297, ó sì ti pàṣẹ pé lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mú bébà tuntun. Ohun tó gbàgbé ni àlàfo òkè àti ìsàlẹ̀. Bí mìlímítà 10 bá wà lókè, tí 10 sì wà nísàlẹ̀, 277 ló kù. Àpótí tó ga ní 297 yóò lé ní 20. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú 20 ìkẹyìn yẹn, òfìfo ni. Ṣùgbọ́n bíráúsà kò mọ ìyẹn. Yóò mú bébà kejì láti gbé òfìfo náà sí, lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ohun tí wọ́n pa láṣẹ, ìyẹn ni pé yóò tún mú bébà tuntun. Báyìí ni lẹ́tà olójú ìwé mẹ́ta ṣe ń di mẹ́fà.

Ìṣirò kan náà ló ń tán an: 277 tí a pín sí 297 jẹ́ nǹkan bíi 0.93. Bí wọ́n bá kọ 90 sí `Scale`, àpótí kọ̀ọ̀kan yóò wọ bébà kan, òfìfo yóò sì lọ. Lápá ọ̀tún ojú ìtẹ̀wé ni Chrome ti ń sọ iye bébà tí yóò lò, kí wọ́n máa wo iye náà bí wọ́n ṣe ń yí nọ́ńbà. Nígbà tí ó bá já láti 6 sí 3, wọ́n ti dé ibi tó yẹ.

Bí kò bá sí àyè láti dín in kù, ọ̀nà àbùjá kan wà. Lábẹ́ `Pages`, Chrome ní `Odd pages only`, tó ń tẹ ojú ìwé kìn-ín-ní, ìkẹta àti ìkarùn-ún nìkan. Fún òfìfo alájẹ́tẹ̀lé, ó bá a mu rẹ́gí. Bí òfìfo bá wà ní ìparí nìkan, kí wọ́n yan `Custom`, kí wọ́n kọ `1-3`.

Bébà tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa

Ó ku ohun kan tó ń fi ọwọ́ kan ìṣòro méjèèjì, èyí sì ni orúkọ bébà tí wọ́n yàn nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà tó ń wọ Nàìjíríà, pàápàá àwọn àlòkù tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, ló ti yan `Letter` láti ibi tí wọ́n ti wá. Bébà A4 jẹ́ ti ìlànà tí àwọn ará Jámánì gbé kalẹ̀ ní 1922, tí gbogbo ayé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tán. Amẹ́ríkà àti Kánádà wà lára àwọn tí kò tẹ̀ lé e. Bébà tiwọn fẹ̀ ní mìlímítà 215.9, ó sì ga ní 279.4. Ìyẹn ni pé ó fẹ̀ ju A4 lọ ní mìlímítà 5.9, ó sì kúrú jù ú lọ ní 17.6.

Bí kọ̀ǹpútà bá gbà pé `Letter` ni òun ń tẹ̀, tí bébà inú ẹ̀rọ sì jẹ́ A4, yóò tò ọ̀rọ̀ sórí fífẹ̀ tí kò sí. Mìlímítà mélòó kan lè gé lápá ọ̀tún, kódà bí ojú ìtẹ̀wé bá fi hàn pé gbogbo rẹ̀ pé. Nítorí pé ó tún rò pé bébà náà kúrú, àpótí tó ga ní 297 yóò lé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, 90 tí a sọ lókè kò sì ní tó mọ́. Yóò di nǹkan bíi 87. Ẹ̀rọ mìíràn kò tilẹ̀ ní tẹ nǹkan kan. Yóò dúró, iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, á máa béèrè bébà tí kò sí ní gbogbo Ìlọrin. Kí wọ́n ṣí `Paper size` nínú `More settings`, kí wọ́n sì yan `A4`. Kí wọ́n tún yí i nínú ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ lórí Windows, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè padà sí `Letter`. Ẹni tó ń tẹ̀wé láti orí fóònù Android yóò rí i pẹ̀lú lókè ojú ìtẹ̀wé, níbi tí wọ́n ti kọ `Paper size`. `ISO A4` ni kí ó yàn.

Ní àkókò tí àwọn káfè íńtánẹ́ẹ̀tì gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ọdún 2000, ìṣòro gígé yìí burú ju báyìí lọ. Internet Explorer 6 tó jáde ní 2001 ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò, kò sì mọ bí wọ́n ti ń sún lẹ́tà kì. Ìgbà tí Internet Explorer 7 jáde ní 2006 ni wọ́n fi `Shrink To Fit` sí i. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń ṣe ṣáájú ìgbà náà ni kí wọ́n da ọ̀rọ̀ kọ sínú Word. Microsoft fi Internet Explorer rẹ̀yìn ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ṣùgbọ́n àṣà dída ọ̀rọ̀ sínú Word kò bá a lọ.

Ọwọ́ ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́

Àwọn ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ àti oníṣòwò ní Ìlọrin tó ń fi ímeèlì aláràbarà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè dá wàhálà yìí dúró láti orísun. Kí wọ́n má fi fífẹ̀ tí kò ṣeé yí sí àtẹ wọn. Kí wọ́n jẹ́ kí ó gba gbogbo àyè tó bá wà, kí wọ́n sì fi òpin sí i pé kò gbọ́dọ̀ ju píkísẹ́ẹ̀lì 600 lọ:

```
<table width="100%" style="max-width:600px">
```

Iye yìí kò ṣàdédé wá. Píkísẹ́ẹ̀lì 600 jẹ́ mìlímítà 158.75. Bí ènìyàn bá fi mìlímítà 25 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bébà A4, ohun tó kù ni 160. Àtẹ náà yóò wọlé láìdín in kù rárá. Wọ́n tún lè fi àṣẹ kékeré kan kún un fún ìgbà ìtẹ̀wé, kí àwòrán ńlá má baà fa lẹ́tà fẹ̀:

```
@media print {
  img { max-width: 100% !important; height: auto !important; }
}
```

Àwọn ètò ímeèlì kan máa ń yọ irú àṣẹ kejì yìí dànù kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, nítorí náà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gbára lé. Gmail pẹ̀lú máa ń gé lẹ́tà tó bá wúwo ju kílóbáìtì 102 lọ, yóò sì kọ `[Message clipped]` sí ìparí rẹ̀ pẹ̀lú `View entire message`. Oníbàárà tó bá tẹ̀wé láìtẹ ibẹ̀ lè pàdánù ìsàlẹ̀ lẹ́tà dípò apá ọ̀tún rẹ̀. Kí ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ kọ́kọ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, kí ó ṣí i nínú Gmail, kí ó yan `Save as PDF` níbi tí wọ́n ti ń yan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí `Paper size` jẹ́ `A4`, kí `Scale` sì wà ní `Default`. Bí PDF náà bá jẹ́ iye ojú ìwé tó retí, tí ìlà apá ọ̀tún àtẹ sì pé, ó lè fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù.